Ìdáhùn Tí Àṣìṣe Rẹ̀ Kéré Jù Nínú Ìdánwò Òfin

Ìdánwò kan wà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò láti mọ ẹni tó yẹ kó di agbẹjọ́rò. MBE ni wọ́n ń pè é, ọdún 1972 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè 200 ló ní, wákàtí mẹ́fà péré ni wọ́n fi ń dáhùn gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé ìbéèrè kan kò ní tó ìṣẹ́jú méjì. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan máa ń ní ìtàn kúkúrú àti ìdáhùn mẹ́rin. Ìlànà tí wọ́n kọ fún ẹni tó jókòó síbẹ̀ ni pé kó mú ìdáhùn tó dára jù nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Wọn kò ṣèlérí pé ọ̀kan nínú wọn yóò pé pérépéré. Irú ìbéèrè báyìí náà ni wọ́n ń lò fún àwọn tó fẹ́ di agbẹjọ́rò ní Ìlú Ọba láti ọdún 2021, àfi pé ìdáhùn márùn-ún ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ti di agbẹjọ́rò nílé ló ń bá irú ìdánwò yìí pàdé nígbà tí wọ́n bá dé òkè òkun, ohun tó sì máa ń dà wọ́n láàmú jù níbẹ̀ ni pé ìdáhùn tí wọ́n ní lọ́kàn kì í sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà méjì ni ìdáhùn òfin máa ń pín sí. Èkíní ni ìdájọ́ fúnra rẹ̀: ta ló jàre, ta ló jẹ̀bi. Èkejì ni ìdí tí ìdájọ́ fi rí bẹ́ẹ̀. Bí agbẹjọ́rò bá ń kọ èrò rẹ̀ fún oníbàárà, ó lè fi ojú ìwé mẹ́ta ṣàlàyé ìdí mẹ́rin tó so kọ́ra wọn. Ẹni tó ń kọ ìbéèrè ìdánwò kò ní ju ìlà kan lọ. Ó ní láti mú ẹyọ kan nínú àwọn ìdí náà, kó fi “nítorí pé” so ó mọ́ ìdájọ́, kó sì fi èyí tó kù sílẹ̀. Nítorí náà, ìdáhùn tó dára jù lè jẹ́ apá kan òótọ́, kó má jẹ́ òótọ́ náà lódindi. Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kó hàn.

Ní ọjọ́ Ajé, ọkùnrin kan tí kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀ kọ lẹ́tà sí aládùúgbò rẹ̀ obìnrin pé òun fẹ́ ta ọkọ̀ tí òun ń gùn fún un ní 5,000 dọ́là, àti pé òun yóò dá a dúró dè é títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Obìnrin náà kò fún un ní kọ́bọ̀, kò sì ṣe ohunkóhun nítorí ìlérí náà. Ní Ọjọ́rú, ọkùnrin náà ta ọkọ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹni tó rà á fi ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀ han obìnrin náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, obìnrin náà sáré fi lẹ́tà ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ pé òun gbà, òun yóò rà á. Ó wá pe ọkùnrin náà lẹ́jọ́. Ṣé yóò jàre?

Ìdáhùn kìn-ín-ní: Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ọkùnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fọwọ́ sí i, pé òun yóò dúró títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ìdáhùn kejì: Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé àdéhùn ti délẹ̀ nígbà tí obìnrin náà fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́.

Ìdáhùn kẹta: Rárá, nítorí pé bí ọkùnrin náà ti ta ọkọ̀ fún ẹlòmíràn ni ohun tó fi lọ obìnrin náà ti parẹ́.

Ìdáhùn kẹrin: Rárá, nítorí pé obìnrin náà kò fi ohunkóhun ṣe pàṣípààrọ̀ ìlérí pé wọn yóò dúró dè é.

Ẹni tó mọ òfin àdéhùn dáadáa ti ní ìdáhùn tirẹ̀ lọ́kàn kó tó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Obìnrin náà kò ní jàre, nítorí pé ó ti mọ̀ dájú kó tó dáhùn pé ọkùnrin náà kò ta ọkọ̀ náà fún òun mọ́. Inú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1876 ni ìlànà yìí ti gba orúkọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1874, Dodds kọ ìwé sí Dickinson pé òun yóò ta ilé òun fún un ní 800 pọ́n-ùn, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún un títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Berry sọ fún Dickinson pé Dodds ti ń bá ẹlòmíràn dúnàádúrà ilé náà. Dickinson sáré gbé ìwé pé òun gbà lọ sí ilé ìyá ìyàwó Dodds, ṣùgbọ́n màmá náà gbàgbé láti fi fún un. Nígbà tí Berry rí Dodds ní ibùdó rélùwéè ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó sì fún un ní ẹ̀dà ìwé náà, Dodds ní ó ti pẹ́ jù. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá a láre. Wọ́n ní kò sí ohun tó so Dodds mọ́ ìlérí pé òun yóò dúró, níwọ̀n ìgbà tí Dickinson kò ti fi nǹkan kan gbà á, àti pé Dickinson mọ̀ kedere pé ọkàn Dodds ti yí padà kó tó gbà.

Ohun méjì ló wà nínú ìdájọ́ yẹn: ìlérí láti dúró kò de ọlọ́jà, àti pé ẹni tó fẹ́ rà á ti mọ̀ pé ọlọ́jà ti yẹ̀. Ohun kejì yìí, tó jẹ́ ọkàn ẹjọ́ náà, kò sí nínú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn tó fara jọ èyí tó wà lọ́kàn wọn, tí wọn yóò sì mú ìkẹta, nítorí pé òun ló mẹ́nu ba ọkọ̀ tí wọ́n tà.

Ṣùgbọ́n irọ́ ni ìkẹta pa nípa òfin. Títa ọkọ̀ fún ẹlòmíràn nìkan kò pa ohun tí wọ́n fi lọ ẹni àkọ́kọ́ rẹ́. Ká ní obìnrin náà kò gbọ́ rárá, tó sì fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, àdéhùn ìbá ti délẹ̀, ọkùnrin náà ìbá sì jẹ ẹ́ ní owó gbà-má-bínú, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ti lọ. Bí a bá yí ohun kan ṣoṣo padà nínú ìtàn, tí ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò sì lè ṣàlàyé ìdájọ́ mọ́, a jẹ́ pé ìdí náà kò mọ́yán lórí.

Ìkìn-ín-ní dára lójú ẹni tó rántí pé òfin títa ọjà ní Amẹ́ríkà máa ń de ẹni tó bá kọ ìlérí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tó sì fọwọ́ sí i, bí wọn kò tilẹ̀ san ohunkóhun. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó ń ṣòwò irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni òfin náà dè. Ìtàn sì ti sọ pé ọkùnrin yìí kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀. Gbólóhùn kékeré yẹn kò dédé wà níbẹ̀. Òun ni wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìdáhùn kìn-ín-ní. Ní ti ìkejì, ìlànà pé lẹ́tà gbígbà ń múlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ jẹ́ ìlànà gidi. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí obìnrin náà lè gbà mọ́ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ìlànà tó tọ́ ni, ẹjọ́ yìí ni kò kàn.

Ìkẹrin ló kù. Ó ṣe aláìpé, nítorí pé àìsan nǹkan kan kò fi hàn pé ọkùnrin náà yẹ̀. Ohun tó fi hàn ni pé ó lè yẹ̀. Síbẹ̀, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Bí obìnrin náà bá ti san 50 dọ́là péré kí wọ́n lè dá ọkọ̀ dúró, ìlérí náà ìbá ti di àdéhùn fúnra rẹ̀, ohun yòówù kó gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀ kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́ fún un. Ìdí tó wà nínú ìkẹrin jẹ́ ọ̀kan lára òpó tí ìdájọ́ náà dúró lé. Òun ni ìdáhùn tó yẹ kí ènìyàn mú.

Ohun tí àpẹẹrẹ yìí fi hàn ni pé àṣìṣe kì í ṣe ọgbọọgba. Ìdáhùn tó sọ ohun tí òfin kò sọ ló burú jù, kódà bí ìdájọ́ inú rẹ̀ bá tọ́. Èyí tó tako ohun tí ìtàn sọ kò sàn ju ìyẹn lọ. Èyí tó sọ òótọ́ tí kò kan ọ̀rọ̀ tún sàn díẹ̀. Èyí tó sọ òótọ́ tó kan ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí kò sọ gbogbo rẹ̀, ni àṣìṣe rẹ̀ kéré jù.

Èyí yàtọ̀ sí bí kóòtù ṣe ń ṣe. Ní Nàìjíríà, bí adájọ́ bá dá ẹjọ́ tó tọ́ lórí ìdí tí kò tọ́, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kì í sábà torí rẹ̀ fagi lé ìdájọ́ náà. Ohun tó kàn wọ́n ni bóyá ìdájọ́ tọ́. Àwọn méjì tó ń jà fẹ́ mọ ẹni tó ni ọkọ̀. Ìdánwò kò ní ẹni tó ń jà nínú rẹ̀. Mímọ ìdí ni wọ́n fẹ́ dán wò, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn kẹta fi kùnà bó tilẹ̀ jẹ́ pé “Rárá” náà ló bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò pẹ́ máa ń ṣubú níbí ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ nígbà mìíràn. Iṣẹ́ ti kọ́ wọn láti bi oníbàárà ní ìbéèrè sí i: ṣé ẹnì kankan wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ti jọ ṣòwò rí? Nínú ìdánwò, bí ẹnì kan bá ti gbọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń sọ pé “ó lè jẹ́ pé”, ó ti ń fi ohun tí kò sí kún ìtàn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló rí báyìí. Púpọ̀ nínú wọn ní ìdáhùn tó pé, ẹni tó bá ka gbogbo wọn sí àdììtú yóò fi èyí tó tọ́ tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀. Níwọ̀n bí wọn kì í ti yọ máàkì fún àṣìṣe, kò sí ìdí láti fi èyíkéyìí sílẹ̀ láìdáhùn.

Àwọn tó ń ṣètò MBE pàápàá kì í fi ojú lásán pinnu pé ìdáhùn kan dára ju èkejì lọ. Nínú ìbéèrè 200 yẹn, 25 ni wọn kì í ka máàkì rẹ̀. Wọ́n ń dán wọn wò ni, ẹni tó jókòó kò sì mọ èyí tí wọ́n jẹ́. Bí èsì bá dé, wọ́n á wo ohun tí àwọn tó ṣe dáadáa nínú ìdánwò yòókù mú. Bí púpọ̀ nínú wọn bá mú ìdáhùn kan náà, ìbéèrè náà lè wọ ìdánwò tòótọ́ lọ́jọ́ iwájú. Bí wọ́n bá pín sí méjì lórí ìdáhùn méjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbéèrè náà ló ní àbùkù, nítorí pé ìyàtọ̀ àárín àṣìṣe ńlá àti àṣìṣe kékeré níbẹ̀ kò hàn tó.