“Ẹ má gbà” àbí “ẹ máa gbà”? Ìkéde ìjáde nígbà tí iná bá sọ ní òtẹ́ẹ̀lì

Ẹ jẹ́ ká mú òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin kan ní Àjàṣẹ́. Iná sọ lóru, àwọn àlejò ń sùn, ẹnì kan sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ sọ ni: “A fẹ́ fi tó ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì létí pé wàhálà díẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ má gba ẹ̀rọ agbéniròkè.”

Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni “wàhálà díẹ̀”. Ní 1991, Proulx àti Sime tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan ní Newcastle jáde. Nígbà tí agogo nìkan dún, àwọn ènìyàn fi ìjáfara jáde. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n máa ṣe, wọ́n tètè jáde. Nítorí náà, ẹ pe iná ní iná.

Èkejì kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Atọ́ka ìyísódì nínú gbólóhùn àṣẹ ni “má”, sílébù kan péré. Bí ariwo bá bò ó, “ẹ gba” ló kù. Bí ohùn bá ń dún padà lára ògiri, “má” lè fà gùn títí tí yóò fi jọ “máa”. Lọ́nà méjèèjì, àlejò gbọ́ òdìkejì ohun tí a sọ.

Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ ló yọ wá níbẹ̀: “Àtẹ̀gùn ni kí ẹ gbà.” Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì ló ṣíwájú, “ni” sì ti yọ ọ̀nà yòókù sílẹ̀ láìsí “má”. Odidi ìkéde náà nìyí:

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Iná ń jó nínú ilé yìí. Ẹ jáde nísinsìnyí. Àtẹ̀gùn ni kí ẹ gbà. Ẹ lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé.”

Kò ju nǹkan bí 50 sílébù lọ. Bí a bá ń pe mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 12. Ìyẹn fún wa láàyè láti sọ ọ́ ní Faransé àti Ègùn pẹ̀lú, ká sì tún un sọ.

Ó ní ibi tó mọ. Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì MGM Grand jó ní Las Vegas ní 1980, ènìyàn 85 kú, èéfín ló sì pa ọ̀pọ̀ wọn, lórí àjà òkè. Bí èéfín bá ti wọ àtẹ̀gùn kan, ìkéde gbọ́dọ̀ dárúkọ èkejì: “Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà.”

Láti dán an wò, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá bi í: Kí ló ṣẹlẹ̀? Ibo ló máa gbà? Ibo ló máa dúró? Èyí tí kò bá lè dáhùn ni gbólóhùn tí ẹ máa tún kọ.