Lẹ́tà Tó Ń Ka Ọjọ́

Ẹ jẹ́ ká ní iná jó ìsọ̀ aláṣọ kan n'Íbàdàn. Owó adójútòfò rẹ̀ pé, síbẹ̀ oṣù méje kọjá, "ẹ ní sùúrù" nìkan ló ń gbọ́. Ó lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí Náíkọ́ọ̀mù, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso adójútòfò, l'Ábújá.

Ẹkún ló sábà máa ń gba inú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí fún wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ni àjọ náà nílò. Kí aláṣọ wa kọ nọ́ńbà ìwé adójútòfò rẹ̀, kó wá tò ó báyìí: 9 oṣù kìíní, iná jó, 10, mo fi tó wọn létí, 17, ẹni tó ń díye òfò wá wo ìsọ̀, 20 oṣù kejì, mo kó ìwé tó kù fún wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi. Ọjọ́ ìkẹyìn yìí ló ṣe kókó jù. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní ìwé panápaná kò tíì dé, ẹ̀dà yẹn yóò jẹ́rìí.

Ọ̀ràn iye owó yàtọ̀ sí ti ìdádúró. Bí ọjà mílíọ̀nù 10 náírà bá wà ní ìsọ̀, tó jẹ́ mílíọ̀nù 5 ló kọ sílẹ̀ nígbà tó ń ra adójútòfò, tí ti mílíọ̀nù 4 sì jóná, mílíọ̀nù 2 ni wọ́n sábà máa san, nítorí ìdajì ló dáàbò bò. Bó bá ń béèrè mílíọ̀nù 4 nínú lẹ́tà, àríyànjiyàn owó yóò bo ẹ̀sùn ìdádúró mọ́lẹ̀.