Bí ẹ ṣe lè bi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí ní ìbéèrè láì gbé iṣẹ́ yín lé e lórí

Olùgbọ́ wa kan tó ń ránṣọ ló bi wá ní ìbéèrè lórí ètò àárọ̀. Ó ní àwọn méjìlá ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun, pé ẹgbẹ̀rún márùnlélọ́gbọ̀n náírà ni wọ́n ń san fún òun lóṣù, àti pé ṣebí ìjọba ti ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ẹgbẹ̀rún àádọ́rin. Ṣé ọ̀gá òun ń rú òfin ni?

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀ nínú ìròyìn aago mẹ́rin. A gbé e fún ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó mú fóònù, ó kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n wa tó máa ń bá wa gbé ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́, lórí Wọ́ọ̀sáàpù:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ lórí owó oṣù tó kéré jù lọ ni wọ́n gbé fún mi. Kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀? Ẹ bá mi fi gbogbo nǹkan tó bá wà lọ́wọ́ yín ránṣẹ́ sà."

Àmì aláwọ̀ búlúù méjì yẹn yọ, tó fi hàn pé ẹ̀gbọ́n ti kà á. Èsì kò wá. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, ọmọ náà ti ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ń ṣakọ. Ẹ̀gbọ́n kò ṣakọ o. Ibi ìpàdé ló wà, rẹ́kọ́dà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, bíírò wà lọ́wọ́ òsì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó lè dáhùn, ó gbọ́dọ̀ rántí òfin ọdún 2019, kó rántí èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2024, kó ro iye tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń san. Lẹ́yìn náà, yóò máa méfò èwo nínú gbogbo rẹ̀ ni ọmọ yìí nílò, nítorí ọmọ náà kò sọ. Yóò wá jókòó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù. Ohun tí ẹni tó béèrè fi ìdajì ìṣẹ́jú kọ, ẹni tí wọ́n bi yóò fi odidi wákàtí kan dáhùn. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, èèyàn máa ń sọ pé "màá dá a lóhùn tó bá yá" ni, bó ṣe máa gbàgbé nìyẹn.

Mo pe ọmọ náà, mo bi í pé kí ló ti kà. Ó ní òun ò tíì ka nǹkan kan. Mo ní kó fi ogún ìṣẹ́jú wá òfin náà fúnra rẹ̀, kó má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú yẹn tó. Ẹ̀dà òfin náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì gùn rárá. Ó rí i pé òfin ọdún 2019, tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà, ní abala kẹrin kan tó ka àwọn tí kò kàn. Lára wọn ni iléeṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò bá tó 25, àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní kíkún, àti àwọn tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye ohun tí wọ́n bá tà tàbí tí wọ́n bá ṣe. Ó tún rí i pé Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu àtúnṣe rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024. Àtúnṣe yẹn ló gbé owó náà dé ẹgbẹ̀rún àádọ́rin, tó sì ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta dípò márùn-ún.

Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé Èkó ń san ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún, pé Ọ̀yọ́ ń san ọgọ́rin. Mo ní kó yọ ìyẹn kúrò. Owó òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn, ìyá aránṣọ kò sì sí lára wọn. (Àṣìṣe tiwa ní yàrá ìròyìn nìyí: tá a bá ti rí nọ́ńbà, ọwọ́ wa á máa yún wa láti kà á lórí afẹ́fẹ́.)

Ní báyìí, púpọ̀ nínú ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù pín sí méjì. Ọ̀kan ni iyèméjì: ó ka àtúnṣe 2024, kò rí ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kan abala kẹrin, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ pé òun kà á bó ṣe yẹ. Ìkejì ni ohun tí kò sí nínú ìwé òfin kankan, ìyẹn orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó mọ ọ̀rọ̀ náà tó sì lè sọ ọ́ ní Yorùbá lórí rédíò. Àwọn méjèèjì yìí ló tọ́ sí ẹ̀gbọ́n. Ọdún tó ti fi ń rìn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ló fún un ní èyí kejì, kò sí ibi tí ọmọ tuntun ti lè rí i kà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kejì rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo mọ̀ pé ẹ wà nípàdé. Aránṣọ kan ló bi wá bóyá ẹgbẹ̀rún àádọ́rin kan òun. Àwọn méjìlá ni wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ti ka òfin 2019: abala kẹrin yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25. Mo ka àtúnṣe 2024 náà, iye owó àti iye ọdún nìkan ni mo rí pé wọ́n yí padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí mo fo nǹkan kan? Ìkejì sà, ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa? Ìròyìn aago mẹ́rin ni. Tí ẹ ò bá ráyè títí aago méjì, ohun tó wà nínú òfin nìkan ni màá kà."

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ó rọrùn láti dáhùn. Ẹ̀gbọ́n kò ní láti máa méfò ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe. Ó rí i pé wọ́n ti ka ìwé, nítorí náà kò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" tó fún, ìkejì sì jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ó sọ àkókò tí wọ́n nílò rẹ̀, ó sì tú ẹ̀gbọ́n sílẹ̀: bí kò bá lè dáhùn, iṣẹ́ kò ní bàjẹ́, kò sì ní jókòó síbi ìpàdé kí ọkàn rẹ̀ máa lù ú.

Ṣé ẹ rí i pé kíkí kò kúrò níbẹ̀? Àwọn kan ń kọ́ni pé kéèyàn fo kíkí kó lọ sójú ọ̀rọ̀. Ní tiwa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó jù ú lọ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ohun tó ń dáni lágara ni kíkí tó dá dúró: ẹnì kan á kọ "Ẹ káàárọ̀ sà", á wá dákẹ́, á máa retí kí ẹ dáhùn kó tó sọ ohun tó fẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí á dáhùn kíkí yẹn ní ọ̀sán, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìròyìn aago mẹ́rin á sì ti kọjá. Kíkí àti ọ̀rọ̀, ẹ kó wọn sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà.

Ti fọ́ìsì nóòtì oníṣẹ́jú mẹ́rin ńkọ́? Ẹni tó wà nípàdé kò lè gbọ́ ọ. Ẹ má fi ránṣẹ́.

Èsì ẹ̀gbọ́n wọlé nígbà tí wọ́n dá ìpàdé dúró láti mu omi: "O kà á re. Abala yẹn wà bó ṣe wà." Ó fi orúkọ kan àti nọ́ńbà kan sí i, ó ní kó má pe ọkùnrin náà ṣáájú aago méjì nítorí kì í gbé fóònù. Ó wá fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í kún un: "Bi olùgbọ́ yẹn bóyá ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni ọ̀gá ẹ̀ ní. Tó bá ju ọ̀kan lọ, àríyànjiyàn máa wà lórí kíkà 25 yẹn." Ọmọ náà pe aránṣọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, a sì gbé ìròyìn náà bó ṣe yẹ. Ìdáhùn náà kò dùn mọ́ ìyá náà nínú, àmọ́ òun ni òfin sọ. Èmi mọ̀ pé ìmọ̀ràn tí wọn kò béèrè yẹn kò bá má wá ká ní ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń bá wọ̀yá ìjà. Ẹni tó bá rí i pé ẹ ti ṣe ìwọ̀n tiyín, ààyè á wà lọ́kàn rẹ̀ láti ronú síwájú yín.

Ogún ìṣẹ́jú tí mo sọ yẹn kì í ṣe òfin. Bí iná bá ń jó lọ́jà, tí ẹlẹgbẹ́ yín sì wà níbẹ̀, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìwé tí ẹ fẹ́ kà. Bákan náà, mo ti rí akọ̀ròyìn tó fi wákàtí mẹ́ta wá ohun tí ẹni tó jókòó tì í ì bá fi gbólóhùn kan sọ, torí ojú ń tì í láti béèrè. Bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá tí ẹ ò tiẹ̀ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tó yẹ nìyí: "Mo ti wo ibí àti ibí, mi ò rí i. Ibo ló yẹ kí n wò?" Ìyẹn náà kò gba wákàtí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Má bi èèyàn mẹ́ta ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kan láì sọ fún wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí: èèyàn méjì pa iṣẹ́ wọn tì, àwọn méjèèjì pe ọ́fíìsì kan náà, òṣìṣẹ́ tó gbé fóònù sì bínú sí wa fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí èsì bá ti wá láti ibì kan, ẹ sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn ìròyìn, ọmọ náà kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n pé ọkùnrin náà gbé fóònù ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dúpẹ́, ó sì kọ abala kẹrin àti ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa ṣọ́ọ̀bù tó ju ọ̀kan lọ sínú ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì yàrá ìròyìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, onímọ́tò kan pè wá pẹ̀lú irú ìbéèrè kan náà. Ìwé yẹn la ṣí.