Ọ̀nà Láti Wo Fíìmù Ilé Láti Òkèèrè

Ẹni tó bá kó fíìmù àti orin rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kékeré nílé, tó sì fi Jellyfin sí i, lè tẹ 192.168.1.20:8096 sórí fóònù kó sì máa wò wọ́n ní yàrá. Bó bá jáde, àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn kan a wá ṣí pọ́ọ̀tù 8096 sílẹ̀ gbayawu lórí ráútà. Fíìmù á wọlé lóòótọ́, àmọ́ páásíwọ́ọ̀dù á máa kọjá láìbò, ẹni tó bá sì ń ṣọ́ Wáì-fáì òtẹ́ẹ̀lì lè kà á.

Ohun tó sàn jù ni kí Caddy dúró níwájú Jellyfin bí adènà ààfin: òun ni àlejò ń bá pàdé, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọlé, tó sì ń gbé èsì jáde. Bí méjèèjì bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ohun tí a ó kọ sínú fáìlì rẹ̀ kò ju èyí lọ. Onílé á fi orúkọ tirẹ̀ rọ́pò ti òkè:

```
fiimu.example.com {
    reverse_proxy 127.0.0.1:8096
}
```

Orúkọ náà gbọ́dọ̀ tọ́ka sí àdírẹ́ẹ̀sì tí ayé fi ń rí ilé náà. Ráútà á darí pọ́ọ̀tù 80 àti 443 sí kọ̀ǹpútà yìí, 8096 á sì wà ní títì. Caddy fúnra rẹ̀ ló máa tọrọ ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ Let's Encrypt, tó ti ń fún aráàlú láti ọdún 2015. Let's Encrypt kì í bèèrè káàdì ìdánimọ̀. Ó máa ń wá láti ìta kan ilẹ̀kùn náà wò, kó lè mọ̀ pé ẹni tó tọrọ ìwé ló ń darí orúkọ náà lóòótọ́. Ìwé ọ̀hún sábà máa ń lo 90 ọjọ́, Caddy á sì tún un gbà kó tó parí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni kíkan ilẹ̀kùn yẹn. Bí àkọsílẹ̀ Caddy bá sọ pé "Timeout during connect", kí onílé yẹ àdírẹ́ẹ̀sì ìta tó wà lórí ráútà wò. Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ilé-iṣẹ́ ayélujára ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì kan fún ọ̀pọ̀ oníbàárà, kò sì sí bí àlejò ṣe lè dé ilé náà tààrà. Kó má tún un gbìyànjú léraléra, torí bí orúkọ kan bá kùnà nígbà márùn-ún láàárín wákàtí kan, Let's Encrypt á ní kó dúró ná. Ó lè fi àkọsílẹ̀ DNS gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n fíìmù ò tíì ní ọ̀nà àbájáde; àfi kó bẹ ilé-iṣẹ́ náà fún àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀, tàbí kó háyà kọ̀ǹpútà kékeré níta tí yóò gba àlejò fún un.

Gbogbo orúkọ tó bá gba ìwé ẹ̀rí ló ń wọ ìwé àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé lè kà, nítorí náà àjèjì lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dán páásíwọ́ọ̀dù wò. Ìwé náà ń bo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ni, kì í yan ẹni tó lè wọlé. Kí onílé wá kọ 127.0.0.1 sí ibi tí Jellyfin pè ní "Known proxies". Láìṣe bẹ́ẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì Caddy nìkan ni yóò máa rí fún gbogbo àlejò, kò sì ní mọ ibi tí ẹni tó ń dánwò ti wá.