Ẹ Rán Ẹlẹ́rìí Yín Létí Ohun Tó Fojú Rí

Lórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń wá ara wọn láti ọdún 2003, abala kan wà lójú-ewé ẹni tí wọ́n pè ní Recommendations. Ibẹ̀ ni ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí ti lè kọ ìjẹ́rìí kúkúrú nípa yín, tí orúkọ àti àwòrán tirẹ̀ yóò sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Agbanisíṣẹ́ tó bá kà á lè tẹ orúkọ yẹn, kó wo irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló mú kó níyì ju Endorsements lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wà lára ojúlùmọ̀ yín lórí ìkànnì náà ti lè kàn tẹ bọ́tìnnì pé ẹ mọ iṣẹ́ kan.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjẹ́rìí tó wà níbẹ̀ ò wúlò. “Òṣìṣẹ́ takuntakun ni, ó ní ìwà tútù, inú mi dùn pé a jọ ṣiṣẹ́.” Ta ni a ò lè sọ èyí nípa rẹ̀? Lójú tèmi, ẹni tó béèrè ló sábà máa ń fà á. Ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn kò gbàgbé yín, iṣẹ́ yín gan-an ló ti gbàgbé. Bí ẹ kò bá rán an létí, ìwà yín nìkan ló kù tó lè yìn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ti bójú tó ilé ìkẹ́rùsí rí fún àwọn tó ń pín oògùn ní Ìbàdàn, tó sì ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni kó bẹ̀? Ọ̀gá àgbà lórúkọ ńlá, ṣùgbọ́n kì í wọ inú ilé ìkẹ́rùsí. Akáǹtáǹtì ló ń bá a ka ẹrù ní òpin oṣù. Akáǹtáǹtì ni mo máa yàn.

Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ojúlùmọ̀ lórí ìkànnì náà kí èyí tó lè ṣeé ṣe. Obìnrin wa á ṣí ojú-ewé akáǹtáǹtì, á tẹ More, lẹ́yìn náà á tẹ Request a recommendation. Wọ́n á bi í bí wọ́n ṣe jọ ṣiṣẹ́ àti ipò tó wà nígbà náà. Kó fara balẹ̀ níbẹ̀, kó má lọ mú ipò tó wà nísinsìnyí dípò ti àtijọ́. Lẹ́yìn èyí ni àyè ìwé kékeré, èyí tí ìkànnì náà fúnra rẹ̀ ti kọ gbólóhùn gbogboogbò sí. Kó pa ìyẹn rẹ́, kó wá kọ tirẹ̀ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń wá iṣẹ́ àbójútó ilé ìkẹ́rùsí. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìwé ẹni máa ń bá ẹrù tó wà nílẹ̀ mu. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí oògùn ń kọjá ọjọ́ lórí pẹpẹ, tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í to èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé síwájú? Ẹ jọ̀wọ́, bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ bá mi kọ gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nípa ohun tí ẹ rí nígbà yẹn. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kò sí wàhálà rárá.”

Ọkùnrin náà ti rí ohun tó máa kọ: “Oṣooṣù la jọ ń ka oògùn. Látìgbà tó ti yí bí a ṣe ń to ẹrù padà, èyí tí à ń dà nù dínkù débi pé ó hàn nínú ìwé ìṣirò mi. Bí iye kò bá bára mu, òun ló máa ń kọ́kọ́ pè mí.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, kò sí ẹni tí kò bá a ṣiṣẹ́ tó lè sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò ní hàn fáráyé títí obìnrin náà á fi gbà á wọlé. Kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, tàbí bí akáǹtáǹtì bá fi iye owó tó jẹ́ àṣírí ibi iṣẹ́ sí i, ó lè dá a padà pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Bó bá fẹ́ san oore, kó má kọ tirẹ̀ fún akáǹtáǹtì lọ́jọ́ kan náà. Déètì máa ń hàn lára méjèèjì, ẹni tó bá sì rí i á rò pé pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ṣe.

Bí akáǹtáǹtì bá dákẹ́, kó rán an létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì fi í sílẹ̀. Àwọn ibi iṣẹ́ kan wà tí wọn kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn máa jẹ́rìí ẹnikẹ́ni ní gbangba, ó sì lè máa ti ọkùnrin náà lójú láti sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá wá fèsì pé, “Àbúrò, kọ ọ́ wá, màá fi orúkọ mi sí i,” kó má kọ ọ́. Kó fi ohun méjì tàbí mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kó jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, torí agbanisíṣẹ́ lè pè é lórí fóònù lọ́la láti béèrè ohun tó kọ.