Fọ́tò Tó Sọ 30 Di 39

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, iná ti lọ ní Agbowó, mo ń fi ìwọ̀nba bátìrì tó kù nínú láàpútọ́ọ̀pù mi ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi han ọ̀gá mi ní Yunifásítì lọ́jọ́ kejì. Ni fóònù mi bá dún. Ọmọkùnrin kan tí mo máa ń kọ́ ní fisíìsì ní Bódìjà ló fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ríǹgì Róòdù lòun ń gbé.

"Àǹtí, ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Èmi ni tíṣà ní kí n wá ṣe é lójú bọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọ̀la."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe fọ́tò náà dáadáa, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Òrùka kékeré kan wà láàárín, okùn mẹ́ta ń fà á, ọfà kọ̀ọ̀kan sì dúró fún okùn kọ̀ọ̀kan. Ọfà A lọ sí ọ̀tún gbọnrangandan, wọ́n kọ 50 N sí i. Ọfà B lọ sókè sí apá òsì, wọ́n kọ 40 N sí i. Ọfà C lọ sísàlẹ̀ tààrà, 30 N ni tirẹ̀. Láti ara òrùka, wọ́n fa ìlà tótòtó kan lọ sókè, wọ́n wá ya ìlà kékeré tó tẹ̀ bí ọrun sáàárín ìlà tótòtó náà àti ọfà B, láti fi igun tó wà níbẹ̀ hàn. Ìbéèrè wọn ni pé, bí a bá pa ipá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mélòó ni, ibo ló sì kọjú sí?

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Iná fóònù ti tàn sórí ìwé, ó sì ti pa nọ́ńbà igun náà rẹ́. Àwọ̀ funfun báláú ló kù síbẹ̀. Mo ní kó lọ wo inú ìwé kó ka nọ́ńbà náà fún mi, ó ní ìwé ọ̀rẹ́ òun ni, òun ti dá a padà.

Mo wá ṣe ohun tí kò yẹ kí ẹni tó ń kàwé gboyè kejì ṣe. Mo gbé pùrótíráátọ̀ lé ojú láàpútọ́ọ̀pù, mo wọn igun náà, ó fún mi ní 39 dígírì. Mo ṣírò rẹ̀, mo fi èsì ránṣẹ́ sí i pé 24.9 N ni, ó fi bíi dígírì 2 àti ààbọ̀ gbé orí sókè láti apá ọ̀tún. Mo sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó pè mí. Ohùn rẹ̀ kò dùn rárá. "Àǹtí, wọ́n ní mo gbà á kù o. Èsì tó wà lẹ́yìn ìwé, 30.4 ni." Lójú gbogbo kíláàsì ni o! Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì tún ṣí fọ́tò náà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lo ọ̀nà tí mo lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo fi 30 sí ipò 39, torí mo fura pé nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ni yóò wà níbẹ̀. Ọ̀nà náà kò le. Ọfà tó bá dábùú, ẹ pín in sí apá méjì: apá ìbú, ìyẹn bó ṣe lọ sí ọ̀tún tàbí òsì tó, àti apá òòró, ìyẹn bó ṣe lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ tó. Ọ̀tún àti òkè la kà sí èrè, òsì àti ìsàlẹ̀ la kà sí gbèsè. A ò nílò láti pín ọfà A, gbogbo 50 rẹ̀ wà ní ìbú. Ọfà C náà ò nílò pípín, gbogbo 30 rẹ̀ jẹ́ gbèsè ní òòró. B nìkan ló kù:

```
B ìbú  = -40 × sin 30° = -20
B òòró =  40 × cos 30° =  34.64
ìbú àpapọ̀  = 50 - 20    = 30
òòró àpapọ̀ = 34.64 - 30 = 4.64
```

Ìbú 30 àti òòró 4.64 wá di ẹ̀gbẹ́ méjì onígun mẹ́ta tó ní igun títọ́. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀: 30.36 N. Ẹ fi 4.64 pín sí 30, igun tó bá a mu jẹ́ bíi dígírì 8.8 sókè láti apá ọ̀tún. Òun rèé, 30.4 inú ìwé. Igun náà, 30 ni lóòótọ́.

Kí ló wá sọ 30 di 39? Pùrótíráátọ̀ mi kò bàjẹ́, mo sì wọn igun náà lẹ́ẹ̀mẹta. Fọ́tò ló purọ́.

Ẹ gbé ìwé kan lé orí tábìlì, ẹ dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́ dípò láti òkè. Ẹ máa rí i pé gíga ìwé náà ń kúrú lójú yín, àmọ́ fífẹ̀ rẹ̀ kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí fóònù ọmọ yìí rí nìyẹn. Ìwé wà lórí tábìlì, òun jókòó, kò nàró láti ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè. Bí fóònù bá fi dígírì 45 dábùú, gbogbo ohun tó lọ sókè lórí ìwé á di bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá gíga rẹ̀. Ká ní ọfà B gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8 nínú ìwé, á jẹ́ pé ó lọ sí òsì ní sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì lọ sókè ní 6.9. Nínú fọ́tò, 4 yẹn dúró bó ṣe wà, àmọ́ 6.9 ti di 4.9. Ọfà náà bá dùbúlẹ̀ díẹ̀ sí i, igun tó wà láàárín òun àti ìlà tótòtó sì di 39.

Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀tàn yìí burú ni pé ọfà A ṣì lọ sí ọ̀tún, C ṣì lọ sísàlẹ̀, igun títọ́ tó wà láàárín wọn ṣì jẹ́ 90 nínú fọ́tò. Èyí tí mo sì fi yẹ̀ ẹ́ wò ní alẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn! Mo ní bí 90 bá ti dúró, fọ́tò dára nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí fóònù bá dábùú láti ìsàlẹ̀ ìwé tààrà, ìbú àti òòró kì í kúrò lójú ọ̀nà wọn, àwọn tó wà láàárín wọn ló máa ń yẹ̀.

Ẹ̀rí wà nínú fọ́tò náà, mi ò kàn wò ó ni. Òrùka àárín yẹn, ó yẹ kó rí róbótó. Nínú fọ́tò, ó rí bí ẹyin tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lé ilẹ̀. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú láàpútọ́ọ̀pù: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10, gíga rẹ̀ jẹ́ 7. Ìyẹn ti sọ iye tí fóònù fi kúrú gíga fún mi, mo sì lè fi gba igun náà padà:

```
tan(igun) = (7 ÷ 10) × tan 39° = 0.567
igun = 29.5°
```

29.5! Ká ní mo wo òrùka yẹn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, ọmọ yẹn kì bá ti tijú. Bí kò bá sí òrùka, àpótí kéékèèké inú pépà gíráàfù á ṣe iṣẹ́ kan náà, torí ó yẹ kí fífẹ̀ àti gíga wọn dọ́gba. Àmọ́ kì í ṣe ìwọ̀n péye o. Bí fóònù bá sún mọ́ ìwé jù, apá tó jìnnà á tún kéré ju apá tó wà nítòsí lọ, ìdá méje nínú mẹ́wàá yẹn ò sì ní jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri. Bí fóònù bá sì dábùú sí ẹ̀gbẹ́ àti sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 90 pàápàá á yẹ̀, ìyẹn sì rọrùn láti rí.

Èyí yàtọ̀ sí fọ́tò tí wọ́n kàn yí. Bí ẹ bá ya àwòrán ìrìnàjò máíkírà láti Agbowó gba Ṣàngó àti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, tí àríwá wá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ fóònù dípò òkè, kò sí ohun tó bàjẹ́. Gbogbo ọfà ló yí pọ̀, igun láàárín wọn ò yí padà. Ẹ kàn wá ọfà àríwá, kí ẹ ka ìbú àti òòró láti ibẹ̀.

Ohun kan wà tí fọ́tò burúkú kì í lè bàjẹ́: ohun tó kan ohun. Bí fóònù ṣe wù kó dábùú tó, ìlà tó tẹ̀ bí ọrun yẹn á ṣì wà láàárín B àti ìlà tótòtó tó lọ sókè, kò ní sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà A. Ibẹ̀ ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ, torí òun ló ń sọ bóyá sáìnì tàbí kọsáìnì la máa lò fún ìbú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti há a sórí pé "ìbú ni kọsáìnì." Òótọ́ ni bí wọ́n bá wọn igun láti ìlà ìbú. Níbí, láti òòró ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, torí náà sáìnì ló ni ìbú. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé e gbòdì: ìbú B á di -34.64, òòró rẹ̀ á di 20. Àpapọ̀ á di 15.36 ní ìbú, gbèsè 10 ní òòró, ìyẹn 18.3 N tó ń fà lọ sísàlẹ̀! Òrùka tó yẹ kó gòkè díẹ̀ ti wá ń sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fi ń mú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni pé mo máa ń wo ọfà kí n tó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò. B súnmọ́ òòró ju ìbú lọ, torí náà apá òòró rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju apá ìbú lọ. Bí mo bá rí 20 ní òòró àti 34.64 ní ìbú, mo ti gbé e gbòdì nìyẹn. Mo tún máa ń tẹ sin 30 wò. Bí kò bá fún mi ní 0.5, bí àpẹẹrẹ tó gbé -0.988 jáde, á jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti wà lórí `RAD`, kì í ṣe `DEG`.

Lọ́jọ́ Sátidé, a fi pépà gíráàfù ṣe é ní Bódìjà. Sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún 5 N. A fa A ní 10 sí ọ̀tún, a fi ìdí B mọ́ orí A, a fà á ní 8, a fi ìdí C mọ́ orí B, a fà á wálẹ̀ ní 6. Láti ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí a parí sí, sẹ̀ǹtímítà 6.1. Ọmọ náà fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ìyẹn 30.5, ó kúkú sún mọ́ ti ìwé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀nba tí rúlà lè ṣe nìyẹn.

Mo sọ fún un pé kó máa nàró bó bá fẹ́ ya ìwé, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú ewé hàn, kó sì pa iná fóònù. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, fọ́tò tuntun wọlé. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, òrùka rí róbótó, nọ́ńbà hàn kedere. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló bo orí ọfà kẹta, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ń fà ni tàbí ó ń tì. Mo pè é.