Nígbà Tí Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ Kan Yẹ̀ Sílẹ̀ Lọ́jọ́ Tó Ku Ọ̀la

Ìrọ̀lẹ́ ni ìpè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́la ní ọmọ òun wà nílé ìwòsàn, tàbí pé ọ̀gá òun ti rán òun lọ sí Àbújá. Ìwé ìpè ti lọ, wọ́n ti sanwó gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn sì ti ń múra. Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ á ti ṣírò rẹ̀: "Ìṣẹ́jú 25 ló ní. Ẹ jẹ́ ká fún ẹni méjì tó kù ní méjìlá-méjìlá àtààbọ̀, kí wọ́n pín àwòrán tó fẹ́ tàn sára ògiri láàárín ara wọn." Ìpín yẹn dọ́gba, kò sì dára. Ibẹ̀ gan-an ni ètò ọ̀la ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà ṣètò, kí ọ̀rọ̀ náà lè hàn kedere. Ìṣẹ́jú 90 ni gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló máa bẹ̀rẹ̀, á fi ìṣẹ́jú 20 sọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá. Dókítà á tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú 25, á ṣàlàyé ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ àti ohun tó máa ń fi ojú ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ rí. Apòògùn á wá fi ìṣẹ́jú 25 sọ̀rọ̀ lórí òògùn lílò. Ìbéèrè ló ni 20 tó kù. Apòògùn yìí ló pè pé òun ò ní lè wá.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùṣètò ṣe, lẹ́yìn tó bá ti bá a kẹ́dùn, ni kó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sọ, èwo ni ẹ kò fẹ́ kí wọ́n gbàgbé? Èwo ló léwu bí ẹlòmíì bá ṣì í sọ? Ṣé a lè rí yín lórí fóònù lọ́la, lásìkò ìbéèrè? Ìdáhùn mẹ́ta yìí wúlò ju gbogbo àwòrán rẹ̀ lọ. Àwọn olùṣètò kì í sábà béèrè wọn. "Ẹ fi àwòrán yín ránṣẹ́" ni wọ́n máa ń sọ, àwòrán á sì dé, méjìlélógún, láìsí ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n sọ.

Ká ní apòògùn wa dáhùn. Ó ní ohun mẹ́fà lòun fẹ́ sọ: ìdí tó fi yẹ kéèyàn máa lo òògùn lójoojúmọ́ bára tiẹ̀ yá, oríṣi òògùn ìfúnpá àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́, ìyọnu tí òògùn lè mú wá, àwọn òògùn ara ríro tó máa ń gbé ìfúnpá sókè, ọ̀rọ̀ àgbo, àti bí a ṣe ń ra òògùn gidi. Ó ní bí wọ́n bá gbàgbé márùn-ún, kí wọ́n má gbàgbé ti àkọ́kọ́. Èyí tó ní ó léwu ni oríṣi òògùn.

Ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ. Ọ̀pọ̀ olùṣètò kì í fẹ́ yọ nǹkan kan, wọ́n rò pé ẹni tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ á mọ̀ pé nǹkan dín. Kò ní mọ̀. Ohun tó máa mọ̀ ni pé dókítà ń kánjú, ó ń ka orúkọ òògùn tó le lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó lóye. Bí òògùn kan ṣe ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ tí òmíràn sì ń mú kéèyàn tọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu ẹni tó fi ṣiṣẹ́ ṣe. Kò sí ọlọ́jà tó máa tìtorí rẹ̀ lo òògùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ òògùn gidi náà lè kúrú: kí wọ́n rà á nílé òògùn tó níwèé àṣẹ, kí wọ́n wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí. Olùdarí ètò lè kà á ní ìparí. Nǹkan mẹ́rin ló kù láti wá olówó fún.

Kì í ṣe ẹni tí ìṣẹ́jú rẹ̀ kéré la ó gbé wọn fún. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti ní ohun tó máa rọ̀ mọ́ nínú ohun tí ẹni náà ti fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ ni ká fi sí. Dókítà ti fẹ́ sọ̀rọ̀ kíndìnrín. Àwọn òògùn ara ríro bí ibuporofẹ́ẹ̀nì àti dikilofẹ́náàkì lè gbé ìfúnpá sókè, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára, nítorí náà gbólóhùn mẹ́ta ló nílò láti fi wọ́n kún un, ẹni tó ń gbọ́ ò sì ní mọ̀ pé àlejò ni ọ̀rọ̀ náà. Àgbo náà á bọ́ sọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ohun kan péré ni kó sọ: kí aláìsàn sọ gbogbo ohun tó ń mu fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kó tiẹ̀ gbé ìgò rẹ̀ dání. Bó bá gbìyànjú àtisọ jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmúra, iyàn ló máa gba ìyókù ọjọ́. Ìyọnu òògùn tún jẹ́ tirẹ̀: amulodipíìnì lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, lisinopurílì lè mú ikọ́ gbígbẹ wá, ẹni tó bá sì rí irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá òògùn dúró fúnra rẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ fún un.

Lílo òògùn lójoojúmọ́ ńkọ́? Èèyàn á rò pé dókítà ló ni ín. Èmi á gbé e fún nọ́ọ̀sì. Ó ti fẹ́ kọ́ wọn pé kéèyàn fara balẹ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, kí apá rẹ̀ wà ní ọ̀gangan ọkàn. Ó ti fẹ́ sọ pé bó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹni tó ń lo òògùn tó wá rí 120/80 lójú ẹ̀rọ á ní òun ti gbádùn, á gbé òògùn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì ló wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tírú èrò bẹ́ẹ̀ ń wọlé. Ẹnu rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ pé òògùn yẹn ló gbé e dé 120.

Ohun tó máa ń bọ́ mọ́ olùṣètò lójú jù lọ rèé o: kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni ẹni tó yẹ̀ sílẹ̀ gbé lọ, ó gbé ipò lọ pẹ̀lú. Apòògùn ló yẹ kó kádìí ètò. Bí wọ́n bá kàn yọ ọ́, dókítà ló máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohun tó sì máa fi parí ni rọpárọsẹ̀ àti kíndìnrín tó kọṣẹ́. Àwọn èèyàn á jáde pẹ̀lú ẹ̀rù, láìsí ohun kan tí wọ́n lè dé ilé ṣe. Ẹ yí i padà. Kí dókítà bẹ̀rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì parí. Ìparí á wá bọ́ sórí ẹ̀rọ ìwọnfúnpá àti òògùn àràárọ̀, ohun tí ọwọ́ wọn lè tó.

Dókítà á wá ní ìṣẹ́jú 35, nọ́ọ̀sì 27, ìbéèrè 28. Ìṣẹ́jú 25 apòògùn ti di 17 lẹ́nu àwọn méjèèjì, mẹ́jọ yòókù sì lọ sínú ìbéèrè. Àwọn tó wá nítorí òògùn ṣì máa béèrè nípa òògùn, ó sàn kí àyè wà fún wọn ju kí ẹni tí kò múra máa fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn ò wá apòògùn mìíràn. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún irú àwọn èèyàn yìí rí, ẹ pè é. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àlejò tó dé láàárọ̀ á mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá, á tún ohun tí dókítà ti sọ sọ, á sì sọ oríṣi òògùn tí ẹ ń sá fún. Mi ò fara mọ́ ọn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìpè kan tí kò ju ààbọ̀ wákàtí lọ ti tó. Kí ẹnikẹ́ni má ka gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán lórí fóònù. Ojúkò nìkan ni kí wọ́n gbìyànjú, ìyẹn gbólóhùn tí dókítà máa fi parí àti èyí tí nọ́ọ̀sì máa fi gbà á. Kí wọ́n tún wá orúkọ apòògùn káàkiri. Ó máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ àwọn yòókù: "apòògùn máa ṣàlàyé èyí láìpẹ́" wà nínú àwòrán dókítà, ó tún wà nínú ìwé olùdarí ètò. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, gbogbo ilé á máa retí ẹni tí kò sí.

Nínú àwòrán 22 náà, mẹ́ta tó fún wa, ẹni tó sì máa lò wọ́n ni kó tún ọ̀rọ̀ ara wọn kọ lọ́nà tirẹ̀. Èèyàn tètè máa ń mọ ẹni tó ń ka àwòrán ẹlòmíì: ẹ̀yìn ló máa kọ sí àwọn olùgbọ́, á kọjú sógiri, á máa ní "ohun tí wọ́n ń sọ níbí ni pé…" Tí ẹ bá gbọ́ gbólóhùn yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, ẹ yọ àwòrán náà kúrò.

Ní ti ìkéde, gbólóhùn kan tó: apòògùn ò lè wá, dókítà àti nọ́ọ̀sì máa sọ ohun tó ṣe kókó nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì dáhùn ìbéèrè tó bá kù. Ẹ má tọrọ àforíjì títí tí àwọn èèyàn á fi gbà pé ètò ti bàjẹ́.

Ìbéèrè ni ibi tí àdéhùn ti ṣe pàtàkì jù. Ẹnì kan á béèrè bóyá òun lè ṣẹ́ òògùn òun sí méjì. Àwọn kan ṣeé ṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ṣe kí wọ́n máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara kò ṣeé ṣẹ́. Bí dókítà kò bá mọ èyí tí ẹni náà ń lò dájú, kó ní wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó síwájú pẹ̀lú ìwé, kó gba ìbéèrè àti nọ́ńbà fóònù, kí apòògùn fi ohùn dáhùn lórí Wasáàpù kí ọjọ́ méjì tó pé.

Ọ̀nà yìí náà ní ibi tó mọ. Bí ẹ bá to ohun tó kù tán tí ẹ ò sì lè sọ ohun mẹ́ta táwọn èèyàn máa mú lọ sílé, tàbí tó jẹ́ pé nítorí ẹni tó yẹ̀ sílẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ṣe ń bọ̀, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló kù nínú ẹni méjì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹni méjì sí i lọ́rùn, ẹ gé ètò náà sí wákàtí kan.

Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ yẹ̀ sílẹ̀, ẹ má kàn fi àwòrán ránṣẹ́ kẹ́ ẹ lọ sùn. Ẹ kọ ohun tó ṣe kókó nínú rẹ̀ sí ìlà márùn-ún, ẹ kọ ohun tẹ́lòmíì kò gbọ́dọ̀ sọ sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí fóònù yín wà ní títàn lọ́la.